Lẹ́tà Tí Ọmọ Yín Yóò Kọ sí Onílé ní Jámánì

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti gba fásitì ní Jámánì, ọ̀rọ̀ yàrá ló kù. Ní ìlú bíi Bẹ́líìnì àti Mùníìkì, lẹ́tà tó ń wọlé nítorí yàrá kan máa ń pọ̀ débi pé onílé kì í ka gbogbo rẹ̀ tán. Ohun méjì ló ń wá nínú wọn: ta ni yóò máa san owó ilé, irú èèyàn wo sì ni? Lẹ́tà tó dáhùn méjèèjì ní ìlà bíi mẹ́wàá, ní èdè Jámánì, ló ń rọ́wọ́ mú.

Ìkíni ni àkọ́kọ́. Bí onílé bá jẹ́ obìnrin, “Sehr geehrte Frau” ni a ń kọ ṣáájú orúkọ ìdílé rẹ̀; “Sehr geehrter Herr” ni ti ọkùnrin. Bí àwa ṣe ní “ẹ” àti “o” ni wọ́n ní “Sie” àti “du”. Ẹni tó kọ “du” sí onílé kò yàtọ̀ sí ọmọ tó wọlé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní “o káàárọ̀”. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ń gbé ló ń wá ẹni kún ara wọn, “du” ni kó lò. “Sie” yóò dún létí wọn bí ìwé ilé ẹjọ́.

Kí ó sọ orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́, ọjọ́ tó fẹ́ kó wọlé àti iye ọdún tó fẹ́ lò. Bí kò bá mu sìgá, kó sọ ọ́.

Ibi owó ló le jù. Àwọn òbí ló sábà ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì. Onígbọ̀wọ́ tó wà ní Nàìjíríà kò rọrùn fún onílé láti lé bá. Nítorí náà, kí ọmọ yín dárúkọ “Sperrkonto”, àkáǹtì tí ẹ ti owó sí nítorí físà: 11,904 Yúrò fún ọdún kan, tí báńkì ń tú 992 sílẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní yàrá náà jẹ́ 310 Yúrò “Kaltmiete”, ìyẹn owó ilé lásán, tó sì di 380 “Warmmiete” nígbà tí owó omi àti ti ìgbóná ilé wọ̀ ọ́. Òfin kò jẹ́ kí owó ìdúró ju Kaltmiete oṣù mẹ́ta lọ, 930 nìyẹn, ó sì gba ayálégbé láyè láti pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Oṣù àkọ́kọ́ yóò gba 380 àti 310, ìyẹn 690. 302 ló kù nínú 992, owó ìdánilójú ìlera yóò sì tún gbà ju 100 lọ nínú rẹ̀. Ẹ fi owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti àkáǹtì náà.

Ní ìparí, kó béèrè ìgbà tó lè wá wo yàrá, kó sì béèrè bóyá òun lè fi àdírẹ́sì náà ṣe “Anmeldung”, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Onílé tó ní rárá sí èyí, tàbí tó ń béèrè owó kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí yàrá, kí ọmọ yín fi í sílẹ̀.