Bí Owó Báńkì Tàbí Ìwé Àṣẹ Kò Bá Jáde, Kí Ló Kù Nínú Àdéhùn Ilẹ̀ Yín?

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú yín tí omíyalé lé kúrò nílé ló ti ń wá ilẹ̀ tàbí ilé mìíràn síbi tó ga díẹ̀, ní Àgbárá, ní Ìgbẹsà tàbí lápá Lùsádà. Nínú àwọn ìwé àdéhùn tí ẹ ń kó wá pé ká bá yín kà, ọ̀rọ̀ kékeré kan ń fara hàn léraléra. Ọ̀rọ̀ náà ni "bí". A óò san owó tó kù bí báńkì bá yá wa lówó. A óò gba ilẹ̀ náà bí ìjọba bá fún wa ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ọ̀rọ̀ yìí lè pinnu bóyá ẹ óò rí owó yín gbà padà tàbí ẹ ò ní rí i gbà, nítorí náà a fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí "bí" ń ṣe

Nínú àdéhùn tí kò ní "bí" nínú, tí ẹni méjèèjì bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀ranyàn ti dé nìyẹn. Ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ sanwó, ẹni tó ń tà sì gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí "bí" bá wà níbẹ̀, ọ̀ranyàn ńlá méjèèjì yẹn ṣì ń sùn ni. Ohun tí wọ́n dárúkọ, ì báà jẹ́ owó báńkì tàbí ìwé àṣẹ, ni yóò jí wọn. Tí ohun náà kò bá wáyé rárá, wọn ò ní jí. Ẹni tó ń rà kò jẹ owó tó kù, ẹni tó ń tà kò jẹ ilẹ̀, a ò sì lè sọ pé ẹnì kankan nínú wọn ló da àdéhùn.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kálukú lè ṣe ohun tó wù ú ní àkókò ìdúró. Ẹni tó sọ pé òun máa tọrọ owó ní báńkì gbọ́dọ̀ lọ tọrọ rẹ̀ lóòótọ́, kó kó ìwé tí wọ́n bá béèrè fún wọn. Ẹni tó ń tà náà kò gbọdọ̀ ti ẹ̀yìn lọ ta ilẹ̀ kan náà fún ẹlòmíràn nígbà tí ọjọ́ àdéhùn kò tíì pé.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdílé kan fẹ́ ra ilẹ̀ ní mílíọ̀nù 2 náírà. Wọ́n san 400,000 náírà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn óò san 1,600,000 tó kù bí ọ́fíìsì ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ Ògùn bá fọwọ́ sí pílánì ilé wọn, kó tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án. Ìdílé náà mú pílánì lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wá wo ilẹ̀, wọ́n rí i pé ó sún mọ́ ojú odò jù, wọ́n sì kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, àdéhùn náà ti parí. Ẹni tó ń tà kò lè pe ìdílé náà lẹ́jọ́ nítorí 1,600,000. Àwọn náà kò lè sọ pé kó fipá fún àwọn ní ilẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni ti 400,000 tó ti wọ àpò ẹni tó ń tà. Nítorí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe san owó yẹn, ilẹ̀ náà kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láìjẹ́ ẹ̀bi wọn, owó náà gbọ́dọ̀ padà, àyàfi tí ìwé bá sọ ohun mìíràn.

Irú ẹjọ́ yìí ti dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ilẹ̀ Málàyà, ìdájọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1960. Wọ́n ń pè é ní ẹjọ́ Aberfoyle àti Cheng. Oko rọ́bà ni wọ́n ń tà. Àdéhùn wọn ni pé títà náà yóò dúró bí ẹni tó ń tà bá rí ìwé ìyálélẹ̀ méje tó ti parí sọ dọ̀tun, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn óò parí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ pé, ìwé kò jáde. Ẹni tó ń rà béèrè owó àsansílẹ̀ rẹ̀, àwọn adájọ́ sì sọ pé kí wọ́n dá a padà fún un. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé tí àdéhùn bá ti dá ọjọ́, ohun tí wọ́n ń retí gbọ́dọ̀ wáyé kí ọjọ́ náà tó kọjá. Wíwí pé "ẹ fún mi ní oṣù díẹ̀ sí i" kò lè fi ipá sún un síwájú.

Níbi tí kò bá sí ọjọ́, àkókò tó bá bọ́gbọ́n mu ni ilé-ẹjọ́ máa ń wò. Ṣùgbọ́n ohun tó bọ́gbọ́n mu lójú ẹ̀yin tí ẹ ń sùn sílé ìwé lè máà rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti máa ń há.

"Bí" tí òfin fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀

Èyí tí a ti ń sọ bọ̀ jẹ́ "bí" tí ẹni méjì fi ẹnu ara wọn ṣe. Òmíràn wà tí ẹ ò ní rí nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n tó wà níbẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ní abala 22, sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ìjọba kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn tàbí fi dógò láìkọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 26 sì sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe lórí ilẹ̀ tí kò bá òfin náà mu, asán ni.

Ẹjọ́ tó fi èyí hàn gbogbo Nàìjíríà ni ti báńkì Sàfánà àti Ajilo, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 1989. Onílé fi ilé rẹ̀ dógò fún báńkì ní 1980, wọn ò sì gba ìfọwọ́sí gómìnà. Nígbà tí báńkì fẹ́ lu ilé náà ní gbàǹjo nítorí gbèsè, onílé lọ sílé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ìdógò náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà gbàǹjo kò lè wáyé. Báńkì ńlá, tó ní lọ́yà tirẹ̀, ni "bí" kan ṣoṣo gba ìdúró mọ́ lọ́wọ́ báyìí.

Àwọn ènìyàn wá ń bẹ̀rù pé ó ti di èèwọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kankan kí gómìnà tó fọwọ́ sí i. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe àti Chinukwe, ilé-ẹjọ́ kan náà là á yé wọn. Ẹ lè ṣe àdéhùn, ẹ lè fọwọ́ sí i, kí ẹ tó wá gbé e lọ fún ìfọwọ́sí. Ṣùgbọ́n títí ìfọwọ́sí náà yóò fi dé, ìwé yín kò tíì pé. Kò tíì gbé ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàárín oríṣi "bí" méjèèjì. Tí ó bá jẹ́ ti owó báńkì, ẹ̀yin tí ẹ ń rà ni wọ́n fi í dáàbò bò. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá yá yín lówó dípò báńkì, ẹ lè sọ pé ẹ ò nílò rẹ̀ mọ́, kí ẹ sanwó, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Ti gómìnà kì í ṣe tiyín láti gbójú fò. Kódà bí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà bá jọ gbà pé kò pọn dandan, ó ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ dènà rẹ̀

Lábẹ́ abala 22, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ilẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń tà, ni iṣẹ́ àtitọrọ ìfọwọ́sí wà lọ́rùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń rà ló sábà máa ń sanwó rẹ̀. Tí ó bá jókòó, tí kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, tí kò kó ìwé sílẹ̀, kó wá sọ pé "ìfọwọ́sí kò jáde, àdéhùn ti bàjẹ́" nítorí pé ẹlòmíràn fẹ́ san owó tó pọ̀ jù, òfin kò fẹ́ràn irú ìyẹn. Ní 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti báńkì tó yá a lówó, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò jẹ́ kí ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀ fi àìṣe rẹ̀ jèrè. Ohun kan náà kan ẹ̀yin tí ẹ ń rà. Tí ẹ ò bá dé báńkì rárá, ẹ ò lè gba owó padà nítorí pé "báńkì kò yá wa."

Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú ẹ̀rí. Rísíìtì fọ́ọ̀mù tí ẹ rà, lẹ́tà tí báńkì tàbí ọ́fíìsì ìjọba fi kọ̀ fún yín, ọjọ́ tí ẹ mú ìwé lọ: ìwọ̀nyí ni yóò fi hàn pé ẹ̀yin ṣe tiyín.

Ohun mẹ́rin tí ìwé yín gbọ́dọ̀ sọ

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá ìwé náà dárúkọ ohun tí ẹ ń retí ní pàtó. "Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé" kò tó. Kó kọ ọ́ pé ìwé àṣẹ ìkọ́lé lórí ilẹ̀ yìí, tàbí iye owó báyìí láti báńkì báyìí. Èkejì, ta ni yóò lọ wá a, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Ẹ̀kẹta, ọjọ́ wo ló gbọ́dọ̀ ti jáde? Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: tí kò bá jáde, owó àsansílẹ̀ yóò padà, gbogbo rẹ̀, láàárín iye ọjọ́ tí ẹ bá fẹnu kò sí.

Tí ẹ bá rí gbólóhùn pé "owó tí a bá ti san kò ní padà", ẹ má fọwọ́ sí i pẹ̀lú èrò pé "bí" tó wà lókè yóò gbà yín. Gbólóhùn yẹn lè borí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi kún un pé owó yóò padà tí ìwé àṣẹ tàbí owó báńkì kò bá jáde.

Ohun kan ṣì kù tí ìwé tó dára jù kò lè ṣe. Ẹ̀tọ́ láti gba owó padà kì í ṣe owó náà. Tí ẹni tó ń tà bá ti na 400,000 yín, ìdájọ́ lè jáde fún yín kí ọwọ́ yín sì ṣófo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí owó àsansílẹ̀ wà lọ́wọ́ lọ́yà tí ẹni méjèèjì gbà, kó má kúrò níbẹ̀ títí ohun tí ẹ ń retí yóò fi jáde tàbí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi kọjá. Tí ẹni tó ń tà bá kọ̀, ẹ dín owó tí ẹ ó san sílẹ̀ kù sí iye tí ìdílé yín lè pàdánù láìpadà sójú títì.