Páálí 36, Agolo 36: Bí A Ṣe Ń Kó Ọjà Ṣọ́ọ̀bù Wọnú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta ọjà inú agolo ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Mílíìkì, tòmátò, sàdíìnì, gbogbo ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké ń wá rà ní páálí, tí ẹni tó ń lọ sílé lálẹ́ náà sì lè ra ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n gbé áàpù tuntun wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó pè mí lórí fóònù. "Àbúrò mi, wá wo nǹkan yìí o. Ó ní mílíìkì mi ti tán, ó tún ní mo jẹ gbèsè agolo mẹ́fà. Mílíìkì rèé tó kún ẹ̀yìn mi dé àjà!"

Mo lọ wò ó. Ọmọ tó tẹ ọjà wọlé ka páálí 36, ó sì tẹ 36. Ṣùgbọ́n agolo ni áàpù náà fi ń ka mílíìkì, nítorí agolo ni wọ́n ń tà jù lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ta agolo 42, áàpù yọ 42 kúrò nínú 36, ló bá ku -6. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Irọ́ la pa fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, mo sì ti rí irú èyí ju bí mo ṣe lè kà lọ. Mo ní kí wọ́n padà sínú ìwé àtijọ́ títí di òpin oṣù, ká lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àti áàpù àti iye ọjà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí áàpù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò fi àwòrán aláràbarà hàn yín, yóò fi bí èrè ṣe ń gòkè hàn. Ẹ má wo ìyẹn. Ẹ mú ọjà márùn-ún péré nínú ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ sì fi wọ́n dán áàpù náà wò láàárín ọjọ́ tí wọ́n fi ń jẹ́ kéèyàn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ra páálí kan wọlé, kí ẹ ta agolo mẹ́ta nínú rẹ̀. Kí oníbàárà dá ọ̀kan padà. Kí ọ̀kan jò, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò láìtà á. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè pé agolo mélòó ló kù, èló sì ni wọ́n tó ní iye tí ẹ fi rà wọ́n. Bí páálí kan bá jẹ́ agolo 24, 21 ni ìdáhùn, torí ẹ ta mẹ́ta, ọ̀kan padà wá, ọ̀kan sì bàjẹ́. Áàpù tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ rà kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ páálí. Orúkọ ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fẹ́ kí wọ́n dá, mílíìkì páálí àti mílíìkì agolo, tí ọ̀kan kò mọ̀ pé ìkejì wà. Ìyẹn nìkan tó láti dá a padà. Nínú Odoo, bí àpẹẹrẹ, èèyàn lè sọ pé páálí kan jẹ́ ẹyọ 24, kí ó máa rà ní páálí, kí ó sì máa tà ní ẹyọ.

Ohun kejì ni iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ pa dátà fóònù yín, kí ẹ gbìyànjú láti ta ọjà. Loyverse máa ń jẹ́ kéèyàn tajà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á wá kó o lọ síbi tó yẹ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Àwọn mìíràn wà tí ojú wọn á kàn funfun báláú. Ẹ wo bóyá ẹ lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì wo ipele tí ẹ ń sanwó fún dáadáa: nínú QuickBooks Online, Plus àti Advanced nìkan ló ń ka iye ọjà. Ẹni tó bá ra ipele tó kéré yóò rí ìwé owó, kò ní rí ìwé ọjà.

Iye ìbẹ̀rẹ̀ ló wá kàn. Ọjọ́ kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ fi ṣe ààlà. Tiwa ni Sátidé, 31 oṣù Kìn-ín-ní. Ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ ti ìwé àtijọ́. Ohunkóhun láti ọjọ́ kejì jẹ́ ti áàpù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́ta, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà. Ẹnì kan ń kà, ẹnì kejì ń kọ, a kò sì jẹ́ kí ẹni tó ń kà rí ìwé àtijọ́, torí ojú tó bá ti rí 40 á máa wá 40 ni.

Kí a tó kà rárá, a ṣa àwọn kan sọ́tọ̀. Páálí núdùsù mẹ́jọ wà nílẹ̀ tí oníbàárà kan ti sanwó wọn tán, tí kò tíì wá kó wọn. Ọjà rẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa mọ́. A kọ orúkọ rẹ̀ lé e, a kò kà á. Sàdíìnì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá náà kò wọ ìṣirò, nítorí kò ní í pa owó kankan mọ́.

Mílíìkì jẹ́ páálí 36 àti agolo 15 tó ti tú. 36 lọ́nà 24 jẹ́ 864. Fi 15 kún un, ó di agolo 879. Èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ibí ni ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn kíá pé, "Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà." Iye tí wọ́n ń tà á nìyẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, iye tí ẹ fi rà á ni mo ń béèrè." Páálí jẹ́ ₦18,720 lọ́wọ́ ẹni tó kó o fún un, owó ọkọ̀ láti Èkó sì jẹ́ ₦480 lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ ₦19,200, ìyẹn ₦800 lórí agolo kan. Owó ọkọ̀ wà lára owó tí a fi ra ọjà. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ á rò pé òun ń jèrè ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà mílíìkì inú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦703,200. Bí a bá fi ₦900 ṣe é, ì bá jẹ́ ₦791,100, ₦87,900 àárín wọn sì jẹ́ èrè lórí mílíìkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà.

Nígbà tí a parí, gbogbo ọjà jẹ́ ₦4,350,000. Owó tó wà lọ́wọ́ àti ní báńkì jẹ́ ₦420,000, àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní ₦380,000, ó sì ti san ₦200,000 fún sàdíìnì tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Òun náà jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún un ní ₦1,150,000. Yọ gbèsè kúrò nínú ohun tó ní, ó ku ₦4,200,000. Fírísà àti àga kò sí níbẹ̀. Mo yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìtàn má gùn.

Bí a bá ń lo QuickBooks, àyè kan wà lójú ìwé ọjà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pè ní `Initial quantity on hand`, tí `As of date` sì wà nítòsí rẹ̀. A tẹ 879 síbẹ̀, a tẹ ọjọ́ ààlà, a sì tẹ ₦800 síbi iye tí a fi rà á. Áàpù fúnra rẹ̀ á kọ owó ọjà náà sínú ìwé ọjà, á sì kọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tó ń jẹ́ `Opening Balance Equity`. Àpò ìdúró ni. Ibẹ̀ ni ohun gbogbo tó wà kí áàpù tó dé máa ń gbà wọlé.

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé owó, àwa náà ni mò ń bá wí, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọjà ti wọlé tán, a tún máa ń fi ọwọ́ kọ ₦4,350,000 sínú ìwé ọjà, bí a ti kọ́ wa ní ilé ìwé. Ló bá di ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò ju pé kí ẹ tẹ ìwé méjì jáde: èyí tó ń ka ọjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye wọn, àti èyí tó ń fi gbogbo àpò owó hàn. Bí èkíní bá sọ ₦4,350,000, tí èkejì sọ ₦8,700,000, èyí tí a fọwọ́ kọ ni kí ẹ pa rẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan iye ọjà.

Ọ̀fìn tó jìn jù ni gbèsè ọjà tó ti dé. Ní ọjọ́ 28, wọ́n já páálí tòmátò 20 sílẹ̀, ₦12,500 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦250,000, wọn kò sì tíì sanwó. Tòmátò náà wà lára ohun tí a kà. Ìwé owó rẹ̀ dé ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ọmọ ṣọ́ọ̀bù sì tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ọjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ló bá di pé áàpù ń wá páálí 20 tí kò sí láyé. Wọ́n ka tòmátò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọkùnrin tó ń gbé páálí pẹ̀lú ojú tí kò dára. Èmi ni mo rí ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà. Gbèsè àtijọ́ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ nìkan la ń tẹ̀ wọlé, pẹ̀lú ọjọ́ ààlà, sínú `Opening Balance Equity`. A kì í dárúkọ ọjà kankan nínú rẹ̀. Bákan náà ni gbèsè tí oníbàárà jẹ yín. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bí ọjà tí ẹ tà lónìí, áàpù á yọ ọjà kúrò nílẹ̀, á sì ka owó tẹ́ ẹ pa lọ́dún tó kọjá mọ́ ti ọdún yìí.

Ẹni tó ní ọjà púpọ̀ lè fi Excel kó wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ ṣáà ṣọ́ bákóòdù. Nọ́ńbà 13 ni ó máa ń jẹ́, ti ọ̀pọ̀ ọjà Nàìjíríà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615. Bí ẹ kò bá yí ìlà yẹn sí `Text` kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí i, Excel á sọ ọ́ di `6.15E+12`, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe bọ́ sínú áàpù, tí ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù kò ní dá ọjà kankan mọ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, `Opening Balance Equity` ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ₦4,200,000 gan-an. A kó o lọ sínú àpò owó onílé-iṣẹ́, ìdúró náà sì di 0. Bí tiyín bá kọ̀ tí kò bá ohun tí ẹ ṣírò sórí bébà mu, ẹ má tíì tajà kankan nínú áàpù náà.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ é nínú oṣù Kejìlá. Ẹ dúró kí Kérésì lọ, kí ọjà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí pẹpẹ. Alẹ́ Sátidé kan ló gbà wá láti ka ọjà ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé oṣù Kìn-ín-ní la kà á.