Ìdí tí Àbùdá Ẹ̀dá-Ìtàn Méjì fi ń Dàrú Mọ́ Ara Wọn Nínú Àwòrán Kọ̀ǹpútà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti ṣàlàyé ìṣòro kan tí ó máa ń bá ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà láti ya àwòrán. Bí a bá dárúkọ ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo, ẹ̀rọ a máa yà á dáradára. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ méjì, tí a sì ní kí wọ́n jọ ṣe nǹkan pọ̀, irun ti èkíní a bọ́ sórí èkejì, àwọ̀ aṣọ wọn a lọ́ mọ́ra, ojú wọn a sì jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ni ó bí wọn. Ẹ̀rọ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Stable Diffusion, tí ó jáde ní ọdún 2022, nítorí pé a lè tú inú rẹ̀ wò.

Àwòrán tí a fẹ́ yà jẹ́ ti ìwé ìkàwé àwọn ọmọdé. Ìyá arúgbó kan, onírun funfun, tí ó ró aṣọ aláró, ń gbé igbá omi fún ọmọdébìnrin kan tí ó ní irun dúdú, tí ó sì wọ aṣọ yẹ́lò. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí pé ẹni tí ó ń fúnni jẹ́ àgbà, ẹni tí ó ń gbà á sì jẹ́ ọmọ. Nínú àwòrán tí ó kọ́kọ́ jáde, ọmọ náà hu ewú, aṣọ aláró ni àwọn méjèèjì sì wọ̀. Ọmọ tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rò pé arúgbó méjì ni wọ́n.

Kí ni ó fà á? Ẹni tí ó bá mọ gírámà yóò sọ pé ẹ̀yán ni “funfun” nínú àpólà orúkọ “irun funfun”, àti pé kò sí ohun tí ó kàn án pẹ̀lú orúkọ tí ó wà nínú àpólà mìíràn. Ẹ̀rọ kò pa irú ààlà bẹ́ẹ̀ mọ́. Apá tí ó ń ka ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ máa ń kà á láti òsì sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì máa fa díẹ̀ nínú ìtumọ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra. Bí “ìyá arúgbó, irun funfun” bá ṣáájú, ọ̀rọ̀ náà “ọmọbìnrin” ti gbé ewú wá kí a tó ya ohunkóhun.

Apá kejì ìṣòro náà wà lójú àwòrán fúnra rẹ̀. Àwòrán tí ó ní àmì 512 ní ìbú àti 512 ní òòró, àpótí kéékèèké 64 ní ìbú àti 64 ní òòró ni ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lé e lórí nínú. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kọ, yálà ó kàn án tàbí kò kàn án. Àwọn àpótí sì tún ń wo ara wọn: ibi tí ó bá dà bí ojú ènìyàn ń wo ibi mìíràn tí ó dà bí ojú, ó sì ń yá nǹkan níbẹ̀. Ohun tí ó ń mú kí ojú ọ̀tún àti ojú òsì ẹnìkan bára mu náà ni ó ń mú kí ojú ẹni méjì di ọ̀kan.

Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ máa ń gbà ni kí a pín ojú àwòrán sí ẹkùn, kí a sì fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú àfikún tí a ń pè ní Regional Prompter, báyìí ni a ṣe kọ ti àpẹẹrẹ wa:

```
two people, one handing a calabash to the other ADDCOMM
old woman, white hair, indigo wrapper ADDCOL
young girl, short black hair, yellow dress
```

Kí a kíyèsí ìlà kìíní dáadáa. Ó sọ ìṣe tí ó pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yán kankan nínú rẹ̀, nítorí pé ìlà yìí ni ẹkùn méjèèjì jọ ń kà. Ẹni tí ó bá kọ “arúgbó ń fún ọmọ ní igbá” síbẹ̀ ti dá ìdàrúpọ̀ náà padà sílé.

Ìpínyà nìkan kò tó, mo tilẹ̀ gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó ń jáde ni ẹni méjì tí ó dúró bí fọ́tò méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tí ó wo ẹnìkejì. Bí ọwọ́ ọmọ bá sì ré ààlà kọjá sí ẹkùn ìyá, ọwọ́ náà a di ọwọ́ arúgbó, tòun ti ìhunjọ rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ ti pàdé ni a gbọ́dọ̀ fi ààlà sí, kì í ṣe àárín gbùngbùn àwòrán. Ìyá ni ó na ọwọ́ jù nínú tiwa, igbá sì bọ́ sí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìbú láti apá òsì. A wá kọ `3,2` sí `Divide Ratio`.

Ìdúró wọn la fi ControlNet (2023) dì mú. A ya egungun ara méjì pẹ̀lú oríkèé wọn: orí ìyá tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, orí ọmọ gbé sókè, eékún ọmọ kúnlẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọwọ́ méjèèjì sì wà lábẹ́ igbá. Ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń pinnu ibi tí nǹkan wà, àwọn ti ìgbẹ̀yìn ni ó fi ń ṣe ohun wẹ́wẹ́. Nínú ìgbésẹ̀ 30, a jẹ́ kí egungun náà darí 18 àkọ́kọ́, kí aṣọ lè rọ̀ bí aṣọ nínú èyí tí ó kù.

Síbẹ̀ ojú wọn ṣì fẹ́ jọra. Nínú àwòrán tí ó kéré, ojú tí ó gba àmì 80 ní ìbú kò ní ju àpótí mẹ́wàá lọ, kò sì sí àyè fún ìhunjọ tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni a wá ń tún wọn yà lọ́kọ̀ọ̀kan: a fi ìbòjú bo ojú ìyá nìkan, a mú ibẹ̀ tóbi, a kọ ọ̀rọ̀ ìyá nìkan, a sì fi `Denoising strength` sí 0.4, lẹ́yìn náà ni a ṣe ti ọmọ. Bí ó bá ju 0.6 lọ, ojú a yí kúrò níbi tí ó ń wò, àjọṣe wọn a sì bàjẹ́. Ọwọ́ àti igbá ni ó gbẹ̀yìn, nínú ìbòjú kan ṣoṣo tí ó bo àwọn méjèèjì, nítorí pé bí a bá tún ọwọ́ ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, igbá náà a máa léfòó.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá àbùdá ṣì ń jò? Ẹ má fi ojú lásán wò ó. Ẹ di nọ́ńbà `Seed` mú kí ó má yí padà, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà: `indigo` sí `green`. Bí aṣọ ìyá nìkan bá yí padà, ó dára. Bí aṣọ yẹ́lò ọmọ bá dà bí ewéko díẹ̀, ẹkùn kò tíì ya ara wọn. Ìdánwò yìí a máa fi jíjò tí ojú kò rí hàn.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan bá ní LoRA tirẹ̀. Ńṣe ni a ń ro LoRA méjì mọ́ ìwọ̀n inú ẹ̀rọ kan náà:

```
W' = W + a1*B1*A1 + a2*B2*A2
```

Kò sí ẹkùn nínú ìṣirò yìí. Gbogbo àpótí ni ó kàn. Ọ̀nà `Latent` nínú àfikún tí a dárúkọ lè yà wọ́n dé ìwọ̀n kan, bí ó tilẹ̀ lọ́ra. Ohun tí ó dájú jù ni kí a ya àwòrán àkọ́kọ́ láìlo LoRA rárá, kí a wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá ń tún ojú ṣe.

Níbi tí ara bá ti bo ara, bí ìyá tí ó pọn ọmọ, ọ̀nà yìí kò gbé wa jìnnà. Ẹkùn tí a fi ìlà tààrà pín kò lè tẹ̀lé èjìká ọmọ tí ó yọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìbòjú tí a fi ọwọ́ yà ni a ó lò, egungun ọmọ náà sì máa ń dàrú nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò hàn. Àwọn ẹ̀rọ tí ó jáde ní ọdún 2024, bí Flux, tí wọ́n fi T5 ka ọ̀rọ̀, ń pa ẹ̀yán mọ́ lẹ́bàá orúkọ rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn àpótí wọn ṣì ń wo ara wọn bákan náà.