Ìdámọ̀ Èròjà Ọbẹ̀, Ọkà àti Kóró Gbígbẹ Nínú Àwòrán

Ìdámọ̀ èròjà ọbẹ̀, ọkà àti kóró gbígbẹ nínú àwòrán ni mímọ ohun tí hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ nígbà tí ojú nìkan ló wà láti fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jà, ẹni tó fẹ́ ra èèrù yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra atare yóò fi eyín fọ́ kóró kan wò. Àwòrán kò fàyè gba èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ohun mẹ́rin péré ló ṣẹ́kù: bí hóró náà ṣe tóbi tó, ìrísí rẹ̀, ojú ara rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, òun náà sì ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ kóró nínú àwòrán dáadáa yóò fi àwọ̀ sí ìgbẹ̀yìn.

Títóbi

Àwòrán kì í sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Bí a bá sún mọ́ yànmọ̀tí gan-an kí a tó ya á, ó lè dà bí ẹ̀gúsí lójú ẹni tó ń wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tí a ń wá nínú àwòrán ni nǹkan kan tí a ti mọ bí ó ṣe tóbi tó, kí a lè fi wọn àwọn yòókù. Rúlà ló dára jù. Bí kò bá sí, hóró ìrẹsì kan tó, nítorí pé ìrẹsì gígùn tí a máa ń rà lọ́jà máa ń tó mìlímítà 6 tàbí 7. Bí kóró kan bá tó ìdajì ìrẹsì, nǹkan bíi mìlímítà 3 ni. Irú ìwọ̀n báyìí ti yọ ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò nínú iyèméjì: kóró irúgbá, tí ó máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1, kò lè jẹ́ ọkà bàbà mọ́, bó ti wù kí àwọ̀ wọn jọra tó.

Ìrísí

Lẹ́yìn títóbi ni ìrísí. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ń bi ara wa: ṣé rìbìtì ni hóró náà ni tàbí pẹlẹbẹ? Ṣé ó ní igun? Ṣé nǹkan kan yọ jáde lára rẹ̀, bí ìrù tàbí ṣóńṣó?

Ìyèré àti ata dúdú tí àwọn alásè ń pè ní bùláàkì-pẹ́pà fi bí ìbéèrè wọ̀nyí ti wúlò tó hàn. Mọ̀lẹ́bí ni àwọn méjèèjì. Ìyèré jẹ́ ọmọ igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ata dúdú sì wá láti gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn méjèèjì dúdú, wọ́n sì hunjọ. Ṣùgbọ́n èso ata dúdú máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tó so ó tímọ́tímọ́, nítorí náà kì í ní ìrù bí ó bá gbẹ. Ìyèré ní tirẹ̀ máa ń ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ díẹ̀. Ìrù yìí lè kán nínú àpò, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi hóró kan ṣoṣo dájọ́. Bí mélòó kan nínú òkìtì náà bá ní ìrù, ìyèré wà níbẹ̀. Èyí tí ìrù rẹ̀ ti kán ṣì máa ń gùn díẹ̀ bí ẹyin, nígbà tí ata dúdú máa ń rí rìbìtì.

Ojú ara

Ojú ara ni ó máa ń ya àwọn tí ìrísí wọn sún mọ́ra. Kóró atare àti ọkà bàbà pupa jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì, nítorí pé méjèèjì máa ń tó mìlímítà 3 sí 4, wọ́n sì ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan náà. Inú èso atare ni àwọn kóró rẹ̀ ti há mọ́ra nígbà tí wọ́n ń dàgbà, ìdí nìyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ní igun. Ara rẹ̀ kún fún kókó wíníwíní, ibi tó ti so mọ́ èso sì máa ń mọ́lẹ̀ ju ara yòókù lọ. Ọkà bàbà kò ní igun, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì rì wọnú díẹ̀ níbi tí ọmọ inú rẹ̀ wà. Nígbà mìíràn, èèpo tó bo ọkà bàbà nígbà tó wà lórí igi rẹ̀ ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá rí èèpo bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, nítorí pé atare kò ní irú rẹ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lára kóró náà máa ń sọ̀rọ̀. Lára ohun tó jọ̀lọ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń kóra jọ sí ojú kan ṣoṣo tó funfun kedere. Lára ohun tó ní kókó tàbí tó hunjọ, ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́n ká sí ìdànsán kéékèèké. Kóró inú èèrù, tó dúdú tó sì jọ̀lọ̀, máa ń ní ìdànsán kan. Atare máa ń ní ọ̀pọ̀. Àmọ́ àwòrán tí a yà pẹ̀lú iná fóònù láti òkè tààrà máa ń pa òjìji rẹ́, tí ohun tó hunjọ yóò fi dà bí ohun tó jọ̀lọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé ló máa ń fi ojú ara hàn jù.

Àwọ̀

Àwọ̀ máa ń yí padà pẹ̀lú ọjọ́ orí kóró, pẹ̀lú yíyan, àti pẹ̀lú iná tí a fi ya àwòrán. Ẹ̀gúsí funfun lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè yóò dà bí èyí tí a ti yan. Yànmọ̀tí nìkan lè jẹ́ funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí dúdú, síbẹ̀ yànmọ̀tí náà ni gbogbo wọn. Ọ̀nà tí a fi ń ṣọ́ra ni láti wá ohun kan tí a mọ̀ pé ó funfun nínú àwòrán náà, bíi àwo tàbí bébà. Bí funfun yẹn bá ti ní ìyeyè nínú, gbogbo àwọ̀ tó kù náà ti ní in.

Àpẹẹrẹ kan

Ká gbà pé a gbé àwòrán kan wá. Àwo funfun kan ni, tí a da onírúurú hóró pọ̀ sínú rẹ̀, tí hóró ìrẹsì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó gùn jù nínú rẹ̀ jẹ́ pódi tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú tó tẹ̀ díẹ̀. Ó gùn tó ìlọ́po mẹ́fà ìrẹsì, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì wú síta níbi tí kóró wà, ó rì wọlé láàárín wọn. Èèrù ni, tí àwọn Ìgbò ń pè ní uda, tí àwọn Háúsá sì ń pè ní kímbà.

Àwọn rìbìtì dúdú tó hunjọ wà káàkiri. Díẹ̀ nínú wọn ní ìrù: ìyèré ni. Àwọn pupa kéékèèké pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ní igun àti ìdànsán púpọ̀, àwọn kan jọ̀lọ̀. Atare ni ti àkọ́kọ́, ọkà bàbà ni ìkejì. Àwọn kan tún wà tí wọ́n funfun, tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọn kò tó ìdajì ìrẹsì, tí wọ́n sì ní ṣóńṣó ní ìkángun kan bí ẹ̀kán omi. Yànmọ̀tí ni wọ́n.

Ó wá ku àwọn pẹlẹbẹ tí kò ní ṣóńṣó, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ìyeyè sí rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tó bá wò wọ́n gààràgà yóò sọ pé kóró ata ni. Níbí gan-an ni ó yẹ kí a ti dúró.

Kóró ata àti kóró gègèmú

Gègèmú, tí àwọn Háúsá ń pè ní sákámì, máa ń hù ní ààtàn, létí ọ̀nà àti nínú oko ọkà. Èso rẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Mọ̀lẹ́bí ata ni, ìdí nìyẹn tí kóró wọn fi jọra, ṣùgbọ́n olóró ni kóró gègèmú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, ẹyinjú rẹ̀ yóò fẹ̀, àyà rẹ̀ yóò máa yára lù, yóò sì máa sọ ìsọkúsọ. Ó lè pa ènìyàn. Àwọn oníṣègùn tó ń ṣe ìwádìí fún ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn ọlọ́ṣà ti ń fi kóró yìí sínú oúnjẹ arìnrìn-àjò, ti kọ́ láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kóró ata, àmì wọn sì ṣeé lò fún àwòrán.

Kóró ata fẹ́lẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto. Ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyeyè tó ṣá, etí rẹ̀ sì mú, ó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Kóró gègèmú nípọn jù ú lọ, ó sì rí bí kíndìnrín. Ara rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, etí rẹ̀ sì dà bí ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àwòrán, etí yìí ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé ó máa ń hàn kódà nígbà tí ihò wẹ́wẹ́ kò bá hàn. Àwọ̀ kò ṣe é gbé ara lé: oríṣi gègèmú kan ní kóró rẹ́súrẹ́sú, òmíràn sì ní kóró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bí iyèméjì bá ṣì wà, a lè fi abẹ fẹ́lẹ́ la kóró kan kí a sì ya inú rẹ̀. Ọmọ inú kóró ata máa ń ká wọnú bí òǹkà 6, ti gègèmú a sì máa tẹ̀ síta níbi tí kóró náà ti so mọ́ èso.

Ibi tí àwòrán mọ

Gbogbo àmì wọ̀nyí wà lára hóró tó ṣì pé. Bí a bá ti lọ̀ wọ́n, ìrísí, etí àti ojú ara ti lọ. Ní ọdún 2019, ní agbègbè Karamójà ní Ùgáńdà, àwọn ènìyàn tó lé ní 300 ṣàìsàn, márùn-ún sì kú, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìyẹ̀fun àgbàdo àti sóyà tí a fi ṣèrànwọ́ fún wọn. Oró inú kóró gègèmú ni àyẹ̀wò bá nínú ìyẹ̀fun náà. Kò sí àwòrán tó lè fi irú rẹ̀ hàn nínú ìyẹ̀fun, ibi àyẹ̀wò kẹ́míkà nìkan ni a ti lè rí i. Ìgbà tí ọkà ṣì wà ní hóró, kí ó tó dé ẹnu ọlọ, ni ojú lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kóró pẹlẹbẹ tí a kò bá sì lè rí etí rẹ̀ kedere nínú àwòrán, ẹni tí kóró náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó tún un wò, kí a sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí a ó fi mọ ohun tó jẹ́.