Ìgbà Wo Ni Omi Tánkì Yóò Tán?

Ká ní tánkì kan wà lẹ́yìn ilé, tó dúró gbọọrọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi inú rẹ̀ ga tó 144 sẹ̀ntímítà, ihò kékeré kan sì wà ní ìdí rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, wọ́n wọn omi náà, ó ti wálẹ̀ sí 100. Ìṣirò tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé 44 ti lọ ní ìṣẹ́jú 10, nítorí náà gbogbo rẹ̀ yóò tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Àmọ́ bí ìṣẹ́jú 33 bá pé, omi tó tó 29 sẹ̀ntímítà yóò ṣì wà nínú tánkì náà.

Ìdí ni pé omi kì í tú jáde ní ìyára kan náà. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1644, Evangelista Torricelli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣàlàyé pé ìyára omi lẹ́nu ihò bá ìyára ohun tó já bọ́ láti ojú omi wá sí ihò náà dọ́gba. Bí omi bá ga, ìtújáde rẹ̀ a le. Bó ṣe ń fà, ìtújáde náà ń rọ. Ìyára yìí ń tẹ̀ lé gbòǹgbò gíga omi. (Gbòǹgbò 144 ni 12, nítorí 12 lọ́nà 12 ni 144.) Ní kúkúrú:

dh/dt = −k√h

Gíga omi ni h, iye ìṣẹ́jú ni t. Apá òsì ń sọ bí gíga ṣe ń yí padà, àmì ìyọkúrò sì ń sọ pé ńṣe ló ń dín kù. Bí ihò ṣe tóbi sí àti bí tánkì ṣe fẹ̀ sí ló ń pinnu k.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: kéèyàn tó mọ ìyára, ó gbọ́dọ̀ mọ gíga, gíga náà gan-an ló sì ń wá. Ọgbọ́n tí Leibniz kọ ránṣẹ́ sí Huygens ní 1691 ni pé kí wọ́n ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀, kí gbogbo ohun tó jẹ mọ́ gíga wà lápá kan, kí ti àkókò wà lápá kejì:

dh/√h = −k dt

Ó kan íńtígíréṣọ̀n, ìyẹn kíkó àwọn ìyípadà kéékèèké jọ di odidi. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí apá kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sí ìkejì:

2√h = −kt + C

Kí ni C ń ṣe níbẹ̀? Ìdọ́gba àkọ́kọ́ mọ bí omi ṣe ń fà, kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tánkì tó kún àti èyí tó dé ìdajì lè ní ihò kan náà, kí wọ́n sì tẹ̀ lé òfin kan náà. C ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló sì lè sọ iye rẹ̀. Nígbà tí t jẹ́ 0, h jẹ́ 144, nítorí náà 2 lọ́nà 12 ni C: 24. Ìwọ̀n kejì wá tú k síta: 20 = 24 − 10k, k jẹ́ 0.4. Bí wọ́n bá pín gbogbo rẹ̀ sí méjì:

√h = 12 − 0.2t

Ìṣẹ́jú 60 ni omi yóò tán. Ẹ wo ìṣẹ́jú 30: gbòǹgbò jẹ́ 6, gíga jẹ́ 36. Ìdajì àkókò péré ló lọ, mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin omi sì ti lọ ná. Ìdá kan tó kù ni yóò gba ìdajì wákàtí mìíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé C, kó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí. Á kọ √h = −0.2t, á sọ ọ́ di h = 0.04t², á wá fi 144 kún un. Ní ìṣẹ́jú 10, èsì rẹ̀ á jẹ́ 148: tánkì tó ń jò ń kún sí i! C gbọ́dọ̀ wọlé lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá kó apá méjèèjì jọ.

Èsì tó tọ̀nà pàápàá ní ààlà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní h = (12 − 0.2t)², ní ìṣẹ́jú 70 yóò ní omi ti padà ga tó 4 sẹ̀ntímítà. Kò sí omi kankan níbẹ̀: ní ìṣẹ́jú 70, 12 − 0.2t ti di −2, gbòǹgbò gíga kò sì lè kéré ju òdo lọ. Láti ìṣẹ́jú 60 síwájú, òdo ni h. Ìyàsọ́tọ̀ ọjọ́sí fi èyí pa mọ́, torí pé ó fi √h pín, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi òdo pín nǹkan.

Ohun kan náà ló fà á tí ìwọ̀n tánkì òfìfo kò fi wúlò fún wíwá C. Bí ẹnì kan bá dé lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó bá tánkì náà gbígbẹ, h = 0 ló mọ̀. Omi lè ti tán lágogo mẹ́ta, ó sì lè ti tán láàárọ̀, ìdọ́gba náà á gba gbogbo rẹ̀ wọlé láìyan ọ̀kan.