PCV Kan Náà, Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Mẹ́ta

Obìnrin mẹ́ta lè gba èsì àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà, kí PCV wọn sì jẹ́ 27. Ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn, nítorí ó yẹ kí ti àgbàlagbà obìnrin tó nǹkan bí 36. Síbẹ̀, oògùn tó wo ọ̀kan sàn lè má ran èkejì lọ́wọ́. Ìlà tí wọ́n kọ MCV sí nínú èsì náà ló ń kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

PCV ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa gbà. MCV ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ẹ sọ PCV di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ fi iye mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì pupa tí ẹ̀rọ kà nínú maikirolítà ẹ̀jẹ̀ kan pín in. Fún àgbàlagbà, 80 sí 100 ló dára. Ti ọmọdé máa ń kéré sí i.

Obìnrin àkọ́kọ́ ní mílíọ̀nù 4. Bí a bá fi 4 pín 270, MCV rẹ̀ di 67.5: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré. Áyọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n ni a máa kọ́kọ́ fura sí pé ó ti tán, bóyá nítorí nǹkan oṣù tó ń ya jù tàbí aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Ṣùgbọ́n talasímíà, tí wọ́n ń bí mọ́ni, náà máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì di kékeré, oògùn áyọ́ọ̀nù ò sì lè wò ó. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń yẹ áyọ́ọ̀nù tó wà nípamọ́ nínú ara wò.

Ìkejì ní mílíọ̀nù 2.5 péré, MCV rẹ̀ sì jẹ́ 108. Bí fólíìkì ásíìdì tàbí fítámì B12 bá wọ́n, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pín sí méjì ò ní lè tètè pín, á sì máa tóbi sí i. Ọtí àmujù, àrùn ẹ̀dọ̀ àti oògùn haidirọsiyúríà tí àwọn kan tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ń lò náà lè fà á. Kí ẹnikẹ́ni má kàn máa gbé fólíìkì ásíìdì mì: bó bá jẹ́ B12 ló wọ́n, ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, kí iṣan ìmọ̀lára ṣì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ìkẹta ní mílíọ̀nù 3, MCV rẹ̀ jẹ́ 90. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lára tàbí àrùn kíndìnrín lè fa èyí. Ó sì lè jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù àti fólíìkì ásíìdì ló jọ wọ́n, tí kéékèèké àti ńláńlá da pọ̀, tí ìpíndọ́gba wọn wá dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. RDW, tó ń fi hàn bí sẹ́ẹ̀lì ò ṣe dọ́gba, á ròkè. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, tí wọ́n wò ó nínú maikirosikóòpù, wọ́n á rí oríṣi méjèèjì.