Ẹ Má Tíì Kéde Ọjọ́ Títà

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni méjì péré ló ń ṣe ìpara òrí tuntun l'Ékòó, oṣù Kejìlá ni wọ́n sì fẹ́ tà á. Ìdúró máa ń gba àkókò, torí náà òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù Kẹta, kí wọ́n gbé ìpara náà síbi tó gbóná tó 40°C fún oṣù mẹ́ta, nínú ike tí wọ́n máa fi tà á. Tí epo bá yọ lórí ẹ̀, kí wọ́n tún un pò, kí wọ́n sì tún oṣù mẹ́ta náà kà. Àyè ṣì wà.

Kí ẹnì kejì máa ya lébẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ kó má tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ńbà NAFDAC fi máa jáde, torí ó gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó kéde ọjọ́.